Iyọ̀ òkun àti sólà: ìbéèrè àwọn ará etíkun nípa férémù, kọnẹ́kítọ̀ àti orí bátìrì

Àwọn tó ń gbé ní Òkun-Àjàh, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, Bàdágírì tàbí Ayétòrò ní Ìlàjẹ mọ̀ pé irin kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Géètì ń dípẹtà, páànù ń jò, ẹsẹ̀ fáànù ń gé. Sólà náà kò yọ sílẹ̀, àmọ́ ibi tí iyọ̀ ti ń jẹ ẹ́ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń wò. Àwọn ìbéèrè tá a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn onílé àti àwọn rèwáyà tó ń ṣiṣẹ́ létíkun la kó jọ síbí.

Omi òkun ò dé ọgbà mi rárá. Báwo ni iyọ̀ ṣe ń dé orí òrùlé?

Ìgbì ló ń gbé e wá. Bí ìgbì bá ṣe ń fọ́ létí òkun ló ń tú ẹ̀kán omi tí kò ṣeé fojú rí sínú afẹ́fẹ́. Atẹ́gùn á gbé e wọ àárín ilé, omi inú rẹ̀ á gbẹ, iyọ̀ á kù, iyọ̀ náà á sì bà lé ohunkóhun tó bá pàdé.

Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé iyọ̀ tó ti bà lé irin kì í jókòó ní gbígbẹ. Ó máa ń fa omi mọ́ra látinú afẹ́fẹ́. Iyọ̀ tá a fi ń se ọbẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ nígbà tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá kọjá nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, afẹ́fẹ́ etíkun wa sì ń kọjá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ òru. Iyọ̀ òkun tún ní maginísíọ̀mù kiloráìdì nínú, èyí tó ń rin láti nǹkan bí ìdá 33. Nítorí náà, kódà tí òjò ò bá rọ̀, tí ilẹ̀ gbẹ táútáú, omi iyọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lára irin yín látìrọ̀lẹ́ títí di ìgbà tí oòrùn bá mú. Omi iyọ̀ yìí ń jẹ́ kí iná kékeré máa rìn láàárín irin kan àti èkejì, ó sì ń dá ihò sára awọ tó ń dáàbò bo alumíníọ̀mù àti sténlẹ́ẹ̀sì.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà nilé mi wà, kì í ṣe etí òkun. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Ó kàn yín, àmọ́ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sà kì í ní ìgbì tó ń fọ́ bí ti òkun, ìfọ́ yẹn ló sì ń tú iyọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ilé tó kọjú sí òkun gbalaja, tí kò sí ilé tàbí igi níwájú rẹ̀, ló ń jìyà jù. Iyọ̀ máa ń dín kù gan-an láàárín ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé atẹ́gùn ìwọ̀ oòrùn-gúúsù tó ń fẹ́ wọlé látòkun lè gbé díẹ̀ lọ jìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tóun wà, kó lọ wo ìṣó òrùlé àti búrákẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ amúlétutù àwọn aládùúgbò rẹ̀. Bí ìyẹn bá ti di pupa láàárín ọdún kan sí méjì, kó ka ara rẹ̀ mọ́ ará etíkun.

Apá ibo ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́?

Abẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo ojú pánẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ní ó ń dán, kò sí wàhálà. Òjò ló ń fọ ojú yẹn. Òjò kì í dé abẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, kì í dé inú kọ̀rọ̀ férémù, kì í dé ibi tí bóòtù ti kan irin, kì í sì í dé ìdí kọnẹ́kítọ̀ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn. Iyọ̀ tó bà síbẹ̀ lóṣù kìíní ṣì wà níbẹ̀ lóṣù kejìlá, ó kàn ń pọ̀ sí i ni. Òjìji pánẹ́ẹ̀lì kì í sì í jẹ́ kí ibẹ̀ tètè gbẹ láàárọ̀.

Torí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ sólà wò létíkun, ẹ má dúró lókè. Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ ti lè fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ kan àwọn oríkèé.

Wọ́n ní férémù alumíníọ̀mù kì í dípẹtà. Kí wá ni funfun tó ń hù lára tèmi?

Òótọ́ ni pé alumíníọ̀mù kì í di pupa. Ohun tó ń hù yẹn ni tirẹ̀: ìyẹ̀fun funfun, tẹ́ ẹ bá gbá a dànù, ẹ ó rí ihò kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. Férémù pánẹ́ẹ̀lì ní awọ kan tí wọ́n fi iná àti ásíìdì gbìn sí i lára ní ilé iṣẹ́, tá à ń pè ní anodáìsì. Lára ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì, awọ yìí kì í ju máíkírọ́ọ̀nù 10 sí 15 lọ, máíkírọ́ọ̀nù kan sì jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Ti etíkun máa ń tó 20 sí 25. Ibikíbi tí wọ́n bá ti fi dírì lu ihò sí i, tàbí tí wọ́n fi sọ́ọ̀ gé e, awọ yẹn ti lọ níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò tuntun sára férémù. Ihò tí ilé iṣẹ́ ti lù wà níbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ lo kíláǹpù tó ń di etí rẹ̀ mú.

Tẹ́ ẹ bá ń ra pánẹ́ẹ̀lì, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ hàn yín, kẹ́ ẹ wá `IEC 61701` níbẹ̀. Ìdánwò ìkúukùu iyọ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀rí pé pánẹ́ẹ̀lì ò ní bàjẹ́ láéláé, àmọ́ èyí tí kò bá ní in rárá, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ará Ìbàdàn.

Ká sòótọ́, férémù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù. Ohun tí wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀ ló ń pa á.

Wẹ́dà mi ní irin áńgù tí a bá kùn lọ́dà dáadáa ti tó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Kò tó, ìdí méjì sì ni. Àkọ́kọ́, ọ̀dà máa ń ya níbi tí wọ́n bá ti di bóòtù mọ́ ọn, omi iyọ̀ á gba ibẹ̀ wọlé, ìpẹtà á máa tàn lábẹ́ ọ̀dà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Èkejì, níbi tí ọ̀dà bá ti ya, irin lásán ti kan alumíníọ̀mù nìyẹn. Tí irin oríṣi méjì bá fara kanra nínú omi iyọ̀, ọ̀kan nínú wọn á máa kú kí èkejì lè là. Láàárín alumíníọ̀mù àti irin lásán, alumíníọ̀mù ló ń kú.

Ẹ lo irin tí wọ́n rì bọ síǹkì gbígbóná, ìyẹn gáfánáìsì gidi, tàbí kẹ́ ẹ fi alumíníọ̀mù ṣe gbogbo ẹsẹ̀ náà. Síǹkì àti alumíníọ̀mù súnmọ́ra, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bára wọn jà. Ṣùgbọ́n "gáfánáìsì" tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í ṣe ọ̀kan náà. Irin tó nípọn ju mìlímítà 6 lọ, tí wọ́n rì bọ síǹkì gbígbóná bó ṣe yẹ, máa ń ní tó máíkírọ́ọ̀nù 85 lára. Èyí tí wọ́n kàn fi iná elékítíríìkì pa síǹkì lára, tó ń dán yinrinyinrin, kì í sábà ju 5 sí 12 lọ.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn já sí. Ní etíkun tó le, síǹkì máa ń pàdánù nǹkan bí máíkírọ́ọ̀nù 4 sí 8 lọ́dún. Ti 8 máíkírọ́ọ̀nù á tán láàárín ọdún kan sí méjì. Ti 85 lè lo ọdún mẹ́wàá sí ogún. Èyí tó ń dán yẹn ló sì máa ń wu èèyàn lójú jù ní ṣọ́ọ̀bù; ti tòótọ́ sábà máa ń ní àwọ̀ eérú, ara rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dán.

Ẹ ní kí wẹ́dà jó gbogbo ohun tó máa jó, kó sì lu gbogbo ihò, kí wọ́n tó gbé irin lọ rì. Iná wẹ́dà máa ń jó síǹkì kúrò lára irin. Tó bá di dandan pé kó jó o lẹ́yìn náà, kó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú ibẹ̀ títí tó fi máa dán, kó wá fi ọ̀dà oní-síǹkì kùn ún nípọn ju bí síǹkì tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Fàdákà ìkùn géètì kì í ṣe ọ̀dà oní-síǹkì o, àwọ̀ wọn ló jọra.

Bóòtù wo ni kí n rà?

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti náwó. Bóòtù yẹ́lò tó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́ irin tí wọ́n fi síǹkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, ẹ ti rí ìṣirò rẹ̀ lókè. Sténlẹ́ẹ̀sì ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì ka orí rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ `A2` sí lórí ni 304. Èyí tí wọ́n kọ `A4` sí ni 316. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni mólíbídénọ̀mù, ìdá 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún, tó wà nínú 316. Òun ló ń mú kó lè fara da iyọ̀. Bóòtù 304 létíkun máa ń yọ àwọ̀ bíi ti tíì, ó sì lè dá ihò síra nínú kọ̀rọ̀ tí òjò ò dé. Bóòtù tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lórí, ẹ má gbà pé sténlẹ́ẹ̀sì ni torí pé ó ń dán. Máágínẹ́ẹ̀tì ò sì lè ya 304 sọ́tọ̀ kúrò lára 316 fún yín, torí àwọn méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ fà á.

Àwọn kan á béèrè pé ṣé sténlẹ́ẹ̀sì kò ní jẹ férémù alumíníọ̀mù, nígbà tó jẹ́ pé irin oríṣi méjì ni wọ́n. Ó lè jẹ ẹ́ díẹ̀, àmọ́ ìwọ̀n ló ṣe pàtàkì. Bóòtù kékeré lára alumíníọ̀mù ńlá kò lágbára tó láti pa á. Ìpalára náà á tàn káàkiri ara ńlá yẹn. Ẹ yí i padà, kẹ́ ẹ fi ìṣó alumíníọ̀mù kékeré kan irin sténlẹ́ẹ̀sì ńlá, ẹ ó rí i pé ìṣó náà á gé kíákíá. Ẹ fi wáṣà ọ̀rá tàbí rọ́bà sáàárín wọn níbi tẹ́ ẹ bá ti lè fi í.

Ohun kan tí àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í mọ̀: bóòtù sténlẹ́ẹ̀sì máa ń há sínú nọ́ọ̀tì rẹ̀ tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ yí i kíákíá. Ẹ fi gírísì tí kì í jẹ́ kí irin há pa á, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀.

Rèwáyà mi so wáyà áàtì bàbà mọ́ férémù tààrà. Ṣé kò léwu?

Ó léwu fún férémù. Bàbà àti alumíníọ̀mù jìnnà síra gan-an, nínú omi iyọ̀ bàbà á máa jẹ alumíníọ̀mù títí ibẹ̀ á fi di ìyẹ̀fun. Ohun tó wá burú ni pé áàtì ò ní sí mọ́ nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wáyà ṣì wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ń wò ó. Lọ́ọ̀gì, ìyẹn orí irin oníhò tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ẹnu wáyà, tó jẹ́ bàbà tí wọ́n fi tánganran bò ni kó lò, pẹ̀lú bóòtù sténlẹ́ẹ̀sì àti wáṣà eléyín tó lè gún awọ anodáìsì já, nínú ihò áàtì tí ilé iṣẹ́ ti lù sílẹ̀. Kó má sì jẹ́ kí wáyà bàbà tó wà níhòòhò máa sinmi lé férémù tàbí páànù níbòmíràn.

Kọnẹ́kítọ̀ MC4 ni mo lò, wọ́n ní omi ò lè wọ̀ ọ́. Kí ló dé tí tèmi fi yọ́?

MC4 ni ike akọ àti abo tó ń so wáyà àwọn pánẹ́ẹ̀lì pọ̀. Omi ò lè wọ̀ ọ́ nígbà tí akọ àti abo rẹ̀ bá wọnú ara wọn, tí rọ́bà ìdí rẹ̀ sì di wáyà mú pinpin. Èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ láìní ìdérí ní alẹ́ ọjọ́ kan létíkun ti gba iyọ̀ sínú. Bákan náà ni èyí tí wáyà rẹ̀ tínrín ju rọ́bà lọ, tàbí tí wọ́n fi ọwọ́ lásán yí ìdí rẹ̀. Wọ́n tún máa ń so akọ ilé iṣẹ́ kan mọ́ abo ilé iṣẹ́ míì torí pé wọ́n wọnú ara wọn. Wọ́n wọnú ara wọn lóòótọ́, àmọ́ wọn ò fẹnu kora bó ṣe yẹ.

Ìyókù jẹ́ ìṣirò kékeré. Ooru ojú oríkèé kan ni iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá, ní ìlọ́po ara rẹ̀, ní ìlọ́po ìdènà ibẹ̀. Kọnẹ́kítọ̀ tó dára kì í tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún óòmù. Bí iyọ̀ bá gbé e dé 0.1 óòmù, tí 10 ámpíà sì ń gba ibẹ̀ kọjá, wáàtì 10 ló ń jó nínú ike tí kò ju àtàǹpàkò lọ, látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ike á pọ́n, á tẹ̀, á yọ́. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ wọn lọ́sàn-án: èyí tó bá gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni ọ̀daràn.

Ẹ má fi epo tàbí gírísì sínú rẹ̀. Àwọn epo kan máa ń jẹ́ kí ike rẹ̀ sán. Wáyà tí okùn bàbà rẹ̀ ní tánganran lára ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì so kọnẹ́kítọ̀ rọ̀ mọ́ abẹ́ férémù kó má baà sùn sórí páànù. Èyí tó bá ti yọ́, ẹ gé e dànù kẹ́ ẹ fi tuntun síbẹ̀. Híha kò ràn án. Ẹ má sì fà á yọ nígbà tí oòrùn ń ràn tí ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́: iná dí-sì máa ń na ahọ́n jáde, ó sì lè jó èèyàn. Ẹ pa inifátà àti súìtì pánẹ́ẹ̀lì ná.

Bátìrì mi kún, síbẹ̀ inifátà ń kú tí sùmóò bá fẹ́ ta. Ṣé bátìrì ti bàjẹ́ ni?

Ẹ má tíì ra òmíràn. Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tó wà lápá Òkun-Àjàh: bátìrì olójé oníásíìdì mẹ́rin tí wọ́n so pọ̀ di fóòtì 48, inifátà 5 KVA, yàrá bátìrì tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun. Onílé ti ń dúnàá-dúrà bátìrì tuntun. A tan iná títí tí 50 ámpíà fi ń jáde, a sì yí mítà sí fóòtì dí-sì. A fi ẹnu mítà kan gún orí bátìrì fúnra rẹ̀, ojú òjé náà gan-an, ẹnu kejì lórí lọ́ọ̀gì tó wà lé e. Níbi tó dára, irú oríkèé bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó fi ju mìlífóòtì 10 sí 20 hàn. A ń tẹ̀ lé e láti orí kan dé òmíràn. Láàárín bátìrì kẹta àti ìkẹrin, mítà kọ 0.6 fóòtì.

Ìyẹn ni wáàtì 30 tó ń di ooru lórí ibi kan ṣoṣo, lọ́ọ̀gì náà gbóná débi pé kò ṣeé dì mú. Ìdènà rẹ̀ jẹ́ 0.012 óòmù. Nígbà tí sùmóò bá fẹ́ ta, tó fa 200 ámpíà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, fóòtì 2.4 á sọ nù níbẹ̀. Bátìrì fúnra rẹ̀ rọ̀ dé 44, ṣùgbọ́n 41.6 ló dé ọ̀dọ̀ inifátà. Inifátà náà ti ní àṣẹ láti pa tó bá dé 42, ó sì pa. Kò sí ohun tó ṣe bátìrì náà.

Tá a tú lọ́ọ̀gì náà, bàbà lásán ni, kò ní tánganran, àwọ̀ ewé sì ti bo inú rẹ̀. Ewé yẹn ni bàbà tí iyọ̀ ti jẹ. Tó bá fẹ́ dà bí aró, ásíìdì bátìrì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wáṣà irin tí wọ́n kì sáàárín lọ́ọ̀gì àti orí bátìrì ti dípẹtà. Wáṣà kì í wà láàárín. Lọ́ọ̀gì ni kó kan òjé, kí wáṣà wà lókè rẹ̀.

Báwo ni kí n ṣe fọ orí bátìrì olójé oníásíìdì?

Ẹ pa súìtì pánẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn náà inifátà, lẹ́yìn náà bíréékà bátìrì. Ẹ tú orí odi kúrò ṣáájú, kẹ́ ẹ tú ti rere tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, ti rere ni kó ṣáájú. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ yín. Ẹ po ṣíbí sódà búrẹ́dì kan mọ́ kọ́ọ̀pù omi kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó pa á síbẹ̀ títí tí kò fi ní hó mọ́. Ẹ rí i pé ìdérí bátìrì ti dé pinpin, torí sódà yìí kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi sáńpépà ha òjé títí tó fi máa dán, kẹ́ ẹ wá di lọ́ọ̀gì onítánganran mọ́ ọn.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dì í tán ni kẹ́ ẹ tó fi fasilíìnì tàbí gírísì bo gbogbo orí rẹ̀ látìta. Ọ̀pọ̀ ń fi sí i ṣáájú, gírísì á wá wà láàárín irin àti irin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lé afẹ́fẹ́ oníyọ̀ sẹ́yìn, kì í ṣe láti gbé iná.

Lítíọ̀mù ni mo rà. Ṣé mo bọ́ nínú èyí?

Ẹ bọ́ nínú ti ásíìdì, ẹ ò bọ́ nínú ti iyọ̀. Ẹ wo irin tí orí bátìrì náà jẹ́. Tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, bí ó ti rí lára ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì, ẹ má fi pátákó bàbà lásán sí i. Èyí tí wọ́n fi tánganran tàbí níkẹ́ẹ̀lì bò ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má fi sódà fọ̀ ọ́ o. Ẹ gbé bátìrì àti inifátà sí yàrá tí kò kọjú sí òkun, torí fáànù inifátà máa ń fa afẹ́fẹ́ oníyọ̀ yẹn gba orí bọ́ọ̀dù rẹ̀ kọjá.

Ṣé mo lè fi omi kànga dẹ̀rọ fọ abẹ́ pánẹ́ẹ̀lì?

Ẹ tọ́ ọ wò ná. Kànga dẹ̀rọ létíkun sábà máa ń níyọ̀, ẹ ó kàn fi iyọ̀ fọ iyọ̀ ni. Omi òjò tẹ́ ẹ gbè tàbí omi tánkà tí kò níyọ̀ ló dára, ní ìdàárọ̀ kí pánẹ́ẹ̀lì tó gbóná. Kò sídìí láti fi ẹ̀rọ tó ń tu omi pẹ̀lú agbára lu kọnẹ́kítọ̀. Ọ́ọ̀sì lásán ti tó. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, ẹ ṣe é lóṣooṣù, torí kò sí òjò tó máa bá yín fọ kódà ojú òkè. Lásìkò òjò, ẹ lè jẹ́ kó tó oṣù mẹ́ta, àmọ́ abẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ dojú ọ́ọ̀sì kọ.